"Gbogbo Wa" Kì Í Ṣe Orúkọ Èèyàn: Bí Mo Ṣe Ń Sọ Nóòtì Wúruwùru Di Mínítì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Inú mínítì àtijọ́ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n wá ṣe akọ̀wé fún ni mo ti rí i: "Ìgbìmọ̀ máa bójú tó o." Mo ṣí mínítì ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀. Mo ṣí èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ṣì wà níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, wọn ò tiẹ̀ yí lẹ́tà kan padà. Mo mọ àwọn èèyàn yẹn o, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, tí wọ́n bá fún wọn níṣẹ́ wọ́n á ṣe é. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi dúró sójú kan láti ìpàdé dé ìpàdé? Ìgbà tí mo jókòó láti kọ mínítì tèmi àkọ́kọ́ fún wọn ni mo rí ìdáhùn.

Bí nóòtì ṣe rí lọ́wọ́ mi

Nóòtì ìpàdé kì í tò. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹ ń kọ ọ́, ẹlòmíì ti já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ tún ń kọ tìyẹn, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti kọ ojú ìwé mẹ́ta tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò lè rí orí tàbí ìdí ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí díẹ̀ lára tèmi, mo kàn pààrọ̀ orúkọ àwọn èèyàn àti ọjọ́ ni. Ká ní ìpàdé náà wáyé ní Tọ́sìdeè, 6 oṣù Kẹta 2025, lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe:

"A bẹ̀rẹ̀ 4:10. Ṣadé ránṣẹ́ pé òun ò ní lè wá. Gbọ̀ngàn: Bọ́lá ní ti ọdún tó kọjá kéré, ooru mú, Túndé ní kò burú tó bẹ́ẹ̀, a fà á pẹ́. Ká lo èyí tó tóbi. Sátidé 5 oṣù Kẹrin ló dáa. Ó yẹ kẹ́nì kan bá àwọn tó ni gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀. Kúnlé dé, 4:35. Olùkọ́: Ṣadé mọ obìnrin kan, kó bá wa pè é. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, Kúnlé ní òun á ṣe é, tó bá fi máa di Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kúnlé ní 5 ò ṣeé ṣe, ìdánwò wà, a gbé e sí 26, gbogbo èèyàn ní ó dáa. Rónkẹ́ lọ 5:20. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ti bàjẹ́, a máa wá nǹkan ṣe sí i. A parí 5:45."

Ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń ṣe ni pé wọ́n á tún gírámà nóòtì báyìí ṣe, wọ́n á fi àmì ìdánudúró síbi tó yẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á ní mínítì nìyẹn. Nóòtì ṣì ni o. Bí àkókò ṣe ń lọ la ṣe ń kọ nóòtì, mínítì ní tiẹ̀, ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí la fi ń tò ó. Ẹ wo ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú nóòtì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ yọ, ọjọ́ tó ṣáájú sì ti kú kí ìpàdé tó parí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ẹni tó bá yára kà á máa ka 5 oṣù Kẹrin, á fi fóònù sílẹ̀, á sì lọ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo témpléètì kan tí kì í yí padà. Orúkọ ìpàdé, ọjọ́ àti aago ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn tó wá àti àwọn tí ò wá, lẹ́yìn ẹ̀ ìpinnu, lẹ́yìn ẹ̀ iṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, lẹ́yìn ẹ̀ ohun tó kù sílẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀. Tí apá kan ò bá ní nǹkankan nínú, mi ò ní yọ ọ́ kúrò, màá kọ "kò sí" síbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má baà máa rò pé mo gbàgbé ni. Àǹfààní tó wà nínú kó má yí padà ni pé ojú àwọn èèyàn á mọ ibi tí wọ́n ti máa wá nǹkan, ẹni tí kò ní àsìkò á fò lọ tààrà sí iṣẹ́ kó wo orúkọ ara ẹ̀. Àǹfààní kejì ni mo ń bọ̀ wá sọ, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ ṣáájú gbogbo ẹ̀

Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, àwọn tó wá ni mo máa ń tò sílẹ̀ ná, pẹ̀lú aago tí ẹni tó pẹ́ dé fi dé àti aago tí ẹni tó tètè lọ fi lọ. Ó lè dà bíi pé eré ọmọdé ni, àmọ́ ẹ fọkàn bá mi lọ. Ìgbìmọ̀ yìí jẹ́ èèyàn méje, òfin wọn sì sọ pé márùn-ún gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó lè pinnu nǹkankan. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, Alága, Bọ́lá, Túndé, Rónkẹ́ àti èmi ló wà níbẹ̀, márùn-ún pé. Kúnlé wọlé, a di mẹ́fà. Rónkẹ́ lọ, a padà di márùn-ún. Ká ní Kúnlé ò wá rárá ni, látìgbà tí Rónkẹ́ ti jáde la ò ti ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ohunkóhun mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tá a bá sọ lẹ́yìn ẹ̀ á kàn jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán. Tí ẹnì kan bá wá ta ko ìpinnu kan lóṣù mẹ́ta sí i, aago méjì yẹn ló máa gbà yín.

Orúkọ yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ kejì. Gbogbo ẹni tí mo bá fẹ́ kọ iṣẹ́ mọ́, mo máa ń padà lọ wò ó bóyá ó wà lára àwọn tó wá, àti bóyá ó ṣì jókòó nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ti Ṣadé. Nóòtì sọ pé kí Ṣadé pe obìnrin tó máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ Ṣadé ò sí ní ìpàdé! Wọ́n yan iṣẹ́ fún un lẹ́yìn rẹ̀, òun ò gbọ́, kò gbà, kò kọ̀. Tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ti gbà, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, ìgbà tó bá sì ka mínítì ló máa kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀, tó bá kà á rárá. Ohun tí mo máa ń kọ ni pé "a dárúkọ Ṣadé, kò tíì dáhùn," màá sì pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá ti gbà, màá yọ ọ̀rọ̀ yẹn, orúkọ ẹ̀ á wá dúró.

Nǹkan mìíì, tí ẹ bá ní Bọ́lá méjì, ẹ kọ orúkọ wọn pé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Èwo ni ìpinnu níbẹ̀?

Lẹ́yìn orúkọ, màá ka nóòtì látòkè délẹ̀ láì kọ nǹkankan, pẹ́ńsù ló máa wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tí ìpàdé ti fẹnu kò, màá kọ "Ìp". Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́nì kan ní láti lọ ṣe, màá kọ "Iṣ". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni, mi ò ní kọ nǹkankan sí i. Ọ̀pọ̀ ìlà nóòtì ló máa ń wà láìní àmì kankan, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí àyà yín já.

Bí mo ṣe ń dá ìpinnu mọ̀ ni pé mo máa ń bi ara mi léèrè pé ẹni tí kò sí ní ìpàdé, ṣé ó lè ka gbólóhùn yìí kó mọ ohun tó ti yí padà láàárín àná àti òní? "A gbé e sí 26, gbogbo èèyàn ní ó dáa," ìpinnu ni. "Ti ọdún tó kọjá kéré, ooru mú," èrò ẹnì kan ni. "Ó yẹ kẹ́nì kan bá wọn sọ̀rọ̀" ńkọ́? Ó jọ ìpinnu, gbogbo èèyàn á mi orí sí i nípàdé, ọkàn wọn á balẹ̀ bíi pé ó ti ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó dìde. "Ó yẹ", "a máa", "ká" àti "kẹ́nì kan", tẹ́ ẹ bá ti rí wọn nínú nóòtì, ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń sọnù.

Tí ìpàdé bá yí ìpinnu padà kó tó parí, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń wọ mínítì. Mi ò ní kọ pé wọ́n kọ́kọ́ ní 5 kí wọ́n tó ní 26. Màá kọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan, pé ìdánwò bọ́ sí 5, kó má di pé ẹnì kan tún gbé 5 wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àríyànjiyàn Bọ́lá àti Túndé lórí ooru ò wọlé rárá. Ìlànà yìí kì í ṣe tèmi, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Henry Martyn Robert, ẹnjiníà ológun ará Amẹ́ríkà tí ìwé ìlànà ìpàdé tó kọ kọ́kọ́ jáde ní 1876, ìlànà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn títí dòní ni pé ohun tí ìpàdé ṣe ni mínítì ń kọ, kì í ṣe ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Tí ẹnì kan bá wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fara mọ́ ìpinnu kan, tó sì jẹ́ pé ìlànà ẹgbẹ́ yín gbà á láyè, ẹ kọ ìyẹn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Àyè tó ṣófo

Mo wá dé apá iṣẹ́. Ti Kúnlé kò ṣòro, ó fẹnu ara ẹ̀ gbà á, ó dá ọjọ́. "Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" nìkan ni mo yí padà sí Wẹ́sìdeè, 12 oṣù Kẹta, torí pé ọjọ́ ìpàdé la fi ń ka "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", ẹni tó bá wá ka mínítì lọ́jọ́ Mọ́ńdè á rò pé ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e ni. Ẹ má fi "láìpẹ́", "lọ́la" tàbí "kó tó di ìparí oṣù" sílẹ̀ nínú mínítì láé.

Ti gbọ̀ngàn ló dá mi dúró. Mo kọ ọ́ sínú témpléètì: bá àwọn tó ni gbọ̀ngàn ńlá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ gbà á fún 26 oṣù Kẹrin. Ọwọ́ mi dé ibi tí wọ́n kọ "ẹni tó máa ṣe é" sí, mo wo nóòtì, kò sí orúkọ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá mo fò ó ni, kò sí. Mo pe Alága lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn, ta lẹ ní kó lọ?"

"Ah, Akọ̀wé, kọ ìgbìmọ̀ síbẹ̀. Gbogbo wa ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"Òótọ́ ni mà. Ṣùgbọ́n tó bá di Mọ́ńdè, tí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bá a dé, fóònù ta ni kí n pè?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bọ́lá ló sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù, bi í."

Mo bi Bọ́lá. Bọ́lá ní òun rò pé Túndé ló ń lọ, torí Túndé ló bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo bi Túndé. Túndé ní ṣé kì í ṣe Bọ́lá ni, ṣebí òun ló ní ká lo èyí tó tóbi. Àwọn méjèèjì ò purọ́ o, àwọn méjèèjì jáde nípàdé tọkàn wọn balẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni yẹn ni ò sí.

Ohun tó yé mi lọ́jọ́ yẹn nìyí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ témpléètì ni kí mínítì lẹ́wà, kó ṣe rẹ́gí. Àyè tó ṣófo yẹn gan-an ni èrè ẹ̀. Ìpàdé ò yan ẹnikẹ́ni, témpléètì sì jẹ́ kó hàn kedere nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Tó bá jẹ́ pé àlàyé gbọọrọ ni mo ń kọ ni, "ìgbìmọ̀ máa bójú tó gbọ̀ngàn" ìbá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbá dùn létí, kò sì sí ẹni tó máa fura. Bí ọ̀rọ̀ inú mínítì àtijọ́ yẹn ṣe rìn nìyẹn láti ìpàdé dé ìpàdé. Ẹni tó kọ "ìgbìmọ̀" síbẹ̀ kàn ń wá nǹkan tó máa fi dí ihò ni, kò ní èrò burúkú. Ihò tí wọ́n bá ti dí báyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe di òfin yìí mú fún ara mi: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ àyè yẹn. Ẹni yẹn lè wá olùrànlọ́wọ́, èèyàn mẹ́wàá lè bá a lọ, àmọ́ òun ni wọ́n máa bi. Tí wọ́n bá ní "Bọ́lá àti Túndé", màá béèrè èwo nínú wọn ló máa jábọ̀. Akọ̀wé ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹnikẹ́ni fúnra ẹ̀ o, bó ti wù kó dá a lójú tó. Pé mo mọ̀ pé Bọ́lá ló yẹ kó lọ ò ní kí n kàn kọ Bọ́lá síbẹ̀. Mo bi í, ó ní "ó dáa, màá lọ," ó dá Mọ́ńdè, 10 oṣù Kẹta. Ìgbà yẹn ni mo kọ ọ́.

Ti ẹ̀rọ àwòrán ò rí bẹ́ẹ̀. Mo pe gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó gbà á, wọn ò tiẹ̀ tíì mọ̀ bóyá títún un ṣe ni tàbí yíyá òmíì. Kò sí ìpinnu níbẹ̀, nítorí náà kò lè di iṣẹ́. Mo gbé e lọ sí ohun tó kù sílẹ̀, mo kọ ọ́ gbangba pé a ò tíì yan ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe yẹ kí wọ́n kà á.

Ohun tó jáde níbẹ̀

Gbogbo nóòtì yẹn wá di èyí:

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Tọ́sìdeè, 6 oṣù Kẹta 2025, 4:10 sí 5:45. Dráfútì, ìgbìmọ̀ ò tíì fọwọ́ sí i.

Àwọn tó wá: Alága, Akọ̀wé, Bọ́lá, Túndé, Rónkẹ́ (lọ 5:20), Kúnlé (dé 4:35). Ẹni tó tọrọ àyè: Ṣadé. Ẹni tí ò wá tí kò sọ: kò sí. Iye tó yẹ kó pé, pé.

Ìpinnu 1: Sátidé, 26 oṣù Kẹrin 2025 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí ìdánwò bọ́ sí 5 oṣù Kẹrin.
Ìpinnu 2: Gbọ̀ngàn ńlá la máa lò.

Iṣẹ́ 1: Gba gbọ̀ngàn ńlá fún 26 oṣù Kẹrin. Bọ́lá (ó gbà á lórí fóònù lẹ́yìn ìpàdé). 10 oṣù Kẹta.
Iṣẹ́ 2: Ṣe fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Kúnlé. 12 oṣù Kẹta.
Iṣẹ́ 3: Pe olùkọ́, kó béèrè bóyá ọjọ́ 26 rọ̀ ọ́ lọ́rùn. A dárúkọ Ṣadé, kò tíì dáhùn.

Ohun tó kù sílẹ̀: Ẹ̀rọ àwòrán tó bàjẹ́. A ò pinnu nǹkankan, a ò yan ẹnikẹ́ni. Òun la máa kọ́kọ́ sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìpàdé tó ń bọ̀: a ò dá ọjọ́, Alága máa kéde ẹ̀.

Ẹ wo Iṣẹ́ 1, ohun tó wà nínú àmì àkámọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Orúkọ Bọ́lá ò jáde láti inú ìpàdé, ẹ̀yìn ìpàdé ló ti wá, mi ò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bíi pé níwájú gbogbo wọn ló ti gbà á. Bákan náà ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ lè fojú rí pé ó ti ṣe tàbí kò tíì ṣe: gba, ṣe, fi ránṣẹ́, pe. "Wo ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn" ò ní ìparí, èèyàn lè máa wò ó títí ọdún á fi parí.

Lórí ohùn tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́, ìpàdé míì wà tí ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná, táwọn èèyàn á sọ ohun tí wọn ò ní lọ́kàn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò ní kọ ẹni tó bínú àti ẹni tó jágbe, ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni màá kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, kó bi àwọn tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́

Ọjọ́ kejì ìpàdé ni mo máa ń fi dráfútì ránṣẹ́, tó bá pẹ́ jù, ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, oríṣiríṣi nǹkan lẹ̀ẹ́ máa rántí tí kò ṣẹlẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ sì fẹ́ bi náà á ti gbàgbé. Mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá rí àṣìṣe kó bá mi sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ báyìí. Ohun tí wọ́n lè tún ṣe ni ohun tí mo kọ lọ́nà tí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ìpinnu tí ẹnì kan wá kábàámọ̀ ẹ̀ nílé ò sí lára ẹ̀, kó gbé ìyẹn wá sípàdé tó ń bọ̀. Èyí máa ń dá ìjà sílẹ̀ o, ẹ dúró lórí ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn iṣẹ́ ni a máa ń kọ́kọ́ kà, kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Orúkọ ló ń pe èèyàn, èmi kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á di "ó ti parí", "ó kù", tàbí "a fagi lé e", èyí tó bá kù á gba ọjọ́ tuntun, àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀ ò ní yí padà, ìpàdé tó ti bẹ̀rẹ̀ ni màá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé ó ti pẹ́ tó. Tí iṣẹ́ kan bá ti kù lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń ní kí Alága béèrè bóyá ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun, tàbí kí wọ́n fagi lé e pátápátá. Kò sí ìtìjú nínú méjèèjì.

Tí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí mínítì, tí Alága ti kọ orúkọ sábẹ́ ẹ̀, ẹ má ṣí fáìlì yẹn mọ́ láti yí nǹkankan padà, ì báà jẹ́ kọ́mà. Tí àṣìṣe bá wá hàn lẹ́yìn ìgbà yẹn, inú mínítì ìpàdé tí wọ́n ti rí i lẹ máa kọ àtúnṣe ẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìpinnu, pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀.